Ìyàtọ̀ 166,000 náírà: àkọsílẹ̀ àtúnṣe tíráyà bálàǹsì kan

Alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀: àwòrán mẹ́rin

Ọmọ àbúrò mi obìnrin, tí ó wà ní ọdún kejì sẹ́kọ́ńdìrì àgbà, fi àwòrán mẹ́rin ránṣẹ́ sí mi lórí Wọ́sáàpù. Iṣẹ́ àṣetiléwá nínú ẹ̀kọ́ ìṣirò owó ni. Ọ̀rọ̀ tí ó kọ sí abẹ́ rẹ̀ ni pé: "Ẹ kú alẹ́, Àǹtí. Mo ti rò ó ní ẹ̀ẹ̀mẹta, kò dọ́gba. Ọjọ́ Ajé ni a máa fi sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi wò ó." Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun ni pé mo ń tọ́jú ìwé owó fún àwọn oníṣòwò, nítorí náà mo sọ fún un pé mi ò ní bá a ṣe é, ṣùgbọ́n a ó jọ wá ibi tí àṣìṣe wà, n ó sì máa kọ ohun tí a bá rí sílẹ̀ bí a ṣe ń rí i. Àkọsílẹ̀ náà ni ó wà níhìn-ín.

Olùkọ́ wọn fún wọn ní ìwé owó oníṣòwò aṣọ kan àti lẹ́jà rẹ̀, ìwé tí àkáùǹtì kọ̀ọ̀kan ti ní ojú ìwé tirẹ̀, fún ọdún tí ó parí ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, ó sì mọ̀ọ́mọ̀ fi àwọn àṣìṣe kan pamọ́ sínú rẹ̀. Wọ́n ní láti yọ àṣẹ́kù àkáùǹtì kọ̀ọ̀kan jáde sínú tíráyà bálàǹsì, tí í ṣe àkójọ gbogbo àṣẹ́kù ní ìhà méjì, dẹ́bíìtì àti kírẹ́díìtì, kí wọ́n ṣí àkáùǹtì sọ́sípẹ́ǹsì bí ìhà méjèèjì kò bá dọ́gba, kí wọ́n wá àwọn àṣìṣe, kí wọ́n fi jọ́nà, ìwé tí a ń kọ àtúnṣe sí kí ó tó wọ lẹ́jà, tún wọn ṣe, kí wọ́n sì ṣírò èrè tí ó tọ́. Àwòrán kìíní ni tíráyà bálàǹsì tí òun fúnra rẹ̀ kọ. Èkejì ni ìwé owó. Ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin ni àwọn ojú ìwé lẹ́jà.

Kí n tó fọwọ́ kan ìṣirò kankan, àwòrán náà ni mo kọ́kọ́ yanjú. Abẹ́ iná mànàmáná ni ó ti ya wọ́n, òjìji ọwọ́ rẹ̀ sì ṣú bo apá ọ̀tún ìwé, níbi tí àwọn iye wà gan-an. Mo ka owó ilé ìtajà sí 130,000 náírà. Bí mo bá ti fi iye yẹn ṣiṣẹ́ ni, ǹ bá máa wá àṣìṣe tí kò sí nínú ìwé, tí ó jẹ́ pé ojú mi ni ó dá a. Mo wo àkáùǹtì owó ilé nínú àwòrán ẹ̀kẹta, mo rí i pé ìgbà mẹ́rin ni oníṣòwò náà san 45,000 náírà láàárín ọdún, èyí tí ó jẹ́ 180,000. Òjìji ni ó bo apá òsì nọ́ńbà 8 tí ó fi dà bí 3. Mo ní kí ó lọ ya gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i ní ọ̀sán, létí fèrèsé, kí ó tẹ́ ìwé náà pẹrẹsẹ sórí tábìlì, kí ó sì di fóònù mú lókè tààrà. Mo tún ní kí ó fi wọ́n ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí fáìlì, nítorí pé Wọ́sáàpù a máa fún àwòrán pọ̀, ibi tí nọ́ńbà bá sì ti kéré ni ó ti máa ń dàrú.

Àárọ̀ ọjọ́ Sátidé: ohun tí ó wà nínú ìwé

Àwòrán tuntun mọ́ kedere. Bí ọmọ náà ṣe to tíráyà bálàǹsì rẹ̀ nìyí, mi ò yí ohunkóhun padà:

| Àkáùǹtì | Dẹ́bíìtì (₦) | Kírẹ́díìtì (₦) |
|---|---|---|
| Owó òkòwò | | 870,000 |
| Owó ọwọ́ | 39,000 | |
| Owó báǹkì | 318,500 | |
| Àwọn tí ó jẹ wá ní gbèsè | 265,000 | |
| Àwọn tí a jẹ ní gbèsè | | 298,000 |
| Ọjà tí ó wà nílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún | 410,000 | |
| Ọjà rírà | 1,760,000 | |
| Ọjà títà | | 2,530,000 |
| Ọjà tí oníbàárà dá padà fún wa | | 36,000 |
| Ọjà tí àwa dá padà | | 25,000 |
| Owó ọkọ̀ tí ó kó ọjà wá | 48,000 | |
| Owó ilé ìtajà | 180,000 | |
| Owó oṣù | 240,000 | |
| Ohun èlò ilé ìtajà | 270,000 | |
| Owó tí olówò mú fún ara rẹ̀ | 150,000 | |
| Ẹ̀dínwó tí a fún oníbàárà | 12,500 | |
| Àpapọ̀ | 3,593,000 | 3,759,000 |

Ìyàtọ̀ jẹ́ 166,000 náírà. Lábẹ́ tábìlì náà ni ó ti kọ "sọ́sípẹ́ǹsì 166,000" sí ìhà dẹ́bíìtì, kí ìhà méjèèjì lè di ọ̀kan náà. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ dá a dúró. Àkáùǹtì sọ́sípẹ́ǹsì wà láti gba ìyàtọ̀ tí ó ti inú lẹ́jà wá dúró títí a ó fi rí ìdí rẹ̀. Kò sí fún àṣìṣe tí ènìyàn ṣe nígbà tí ó ń da àwọn iye kọ tàbí tí ó ń rò wọ́n pọ̀. Irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ kò sí nínú lẹ́jà rárá, nítorí náà kò sí jọ́nà tí ó lè tún un ṣe. Ó kàn yẹ kí a pa á rẹ́ lórí ìwé náà, kí a sì kọ èyí tí ó tọ́. Ẹni tí ó bá da irú méjèèjì pọ̀ mọ́ ara wọn sínú sọ́sípẹ́ǹsì yóò wá gbogbo àṣìṣe tí ó wà nínú lẹ́jà rí, àkáùǹtì náà kò sì ní parí síbẹ̀.

Nítorí náà ìlànà tí mo tẹ̀ lé ni pé kí a parí ọ̀rọ̀ ojú ìwé tíráyà bálàǹsì kí a tó ṣí lẹ́jà. Mo ní kí ó tún ìhà dẹ́bíìtì rò, ṣùgbọ́n láti ìsàlẹ̀ lọ sí òkè. Ó ti rò ó ní ẹ̀ẹ̀mẹta láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, ọpọlọ ènìyàn sì máa ń tún ojú ọ̀nà tí ó mọ̀ gbà: ibi tí ó ti gbàgbé nǹkan ní ìgbà kìíní ni yóò ti gbàgbé rẹ̀ ní ìgbà kẹta. Láti ìsàlẹ̀, ó rí 3,693,000. Ọ̀kan tí ó yẹ kí ó gbé lọ sí ipò ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún ni ó gbàgbé, ìdí nìyẹn tí iye tí ó sọnù fi jẹ́ 100,000 géérégé. Bí ìyàtọ̀ bá dín ní 10 tàbí 100 tàbí 1,000 tàbí 100,000 géérégé lẹ́yìn àtúnrò, ìdí rẹ̀ kì í sábà jìnnà sí èyí. Ìhà kírẹ́díìtì dúró ní 3,759,000. Ìyàtọ̀ wá di 66,000.

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé: ibi tí mo ti ṣìnà

Mo kọ apá yìí sílẹ̀ nítorí pé ó gba àkókò mi ju gbogbo ìyókù lọ. Àwọn tí ó kọ́ wa ní iṣẹ́ yìí kọ́ wa ní ọgbọ́n mẹ́ta fún ìyàtọ̀ tí a kò mọ orísun rẹ̀. Èkíní ni pé kí a wá iye kan tí ó bá ìyàtọ̀ náà mu, bóyá ìhà kan ṣoṣo ni wọ́n kọ ọ́ sí. Èkejì ni pé kí a pín in sí méjì, nítorí pé bí iye tí ó yẹ kí ó wà ní dẹ́bíìtì bá bọ́ sí kírẹ́díìtì, ìhà kan yóò dín, èkejì yóò lé, ìyàtọ̀ yóò sì di ìlọ́po méjì iye náà. Ẹ̀kẹta ni pé kí a fi mẹ́sàn-án pín in, nítorí àṣìṣe tí nọ́ńbà méjì fi yí ipò padà fún ara wọn.

Kò sí 66,000 níbì kankan nínú ìwé owó tàbí lẹ́jà. Mẹ́sàn-án kò pín in láìṣẹ́kù. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ 33,000, mo sì rí ṣẹ́ẹ̀kì 33,000 náírà nínú ìwé owó, tí oníbàárà kan fi san gbèsè ní oṣù Kẹsàn-án. Inú mi dùn, mo rò pé iṣẹ́ ti parí. Mo lọ wo àkáùǹtì oníbàárà náà nínú lẹ́jà, ó sì wà ní ìhà kírẹ́díìtì bí ó ṣe yẹ. Mo wo báǹkì, ó wà ní dẹ́bíìtì. Mo tún àṣẹ́kù oníbàárà náà rò, ó tọ̀nà. Mo tún báǹkì rò láti oṣù Kìíní dé oṣù Kejìlá, òun náà tọ̀nà. Bí wákàtí kan àti ààbọ̀ ni mo lò lórí ṣẹ́ẹ̀kì tí kò dẹ́ṣẹ̀ kankan.

Ohun tí mo gbàgbé ni pé ọgbọ́n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí kò ṣeé lò àyàfi bí ó bá jẹ́ àṣìṣe kan ṣoṣo ni ó kù. Bí àṣìṣe méjì tàbí mẹ́ta bá wà pọ̀, ìyàtọ̀ tí a rí kì í ṣe iye ọ̀kankan nínú wọn. Ó jẹ́ ohun tí ó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí wọ́n ti fa ara wọn sókè sódò. Ìdajì rẹ̀ lè bá iye kan mu lójú ìwé, bí ó ti bá ṣẹ́ẹ̀kì yẹn mu, kí ó má sì ní ìtumọ̀ kankan. Láti ìgbà náà ni mo ti fi ìpín sílẹ̀, mo sì padà sí ọ̀nà tí ó falẹ̀.

Ọ̀nà náà ni pé kí a mú àkáùǹtì kọ̀ọ̀kan lórí tíráyà bálàǹsì, kí a bi í léèrè irú ohun tí ó jẹ́, láìwo iye rẹ̀. Ohun ìní, ìnáwó, ọjà rírà àti owó tí olówò mú fún ara rẹ̀ wà ní dẹ́bíìtì. Owó òkòwò, gbèsè tí a jẹ, ọjà títà àti ohun tí ó wọlé wà ní kírẹ́díìtì. Mo ka orúkọ wọn fún ọmọ náà lórí fóònù, òun sì ń dáhùn. Nígbà tí a dé "ọjà tí oníbàárà dá padà fún wa," ó ní: "Kírẹ́díìtì ni mà, torí pé ọjà padà wọlé sọ́dọ̀ wa."

Mo bi í pé: "Nígbà tí a ta ọjà náà ńkọ́, ìhà wo ni a kọ ọjà títà sí?"

"Kírẹ́díìtì."

"Bí oníbàárà bá wá dá a padà, ṣé títà náà pọ̀ sí i ni àbí ó dín?"

Ó dákẹ́ díẹ̀. "Ó dín. Áà, Àǹtí, dẹ́bíìtì ni!"

Àkáùǹtì ọjà ìdápadà méjèèjì máa ń da akẹ́kọ̀ọ́ rú, torí pé wọ́n ń ronú nípa ibi tí ẹrù gbà. Ohun tí ó yẹ kí wọ́n wò ni àkáùǹtì tí ìdápadà náà ń dín kù: èyí tí oníbàárà dá padà ń dín títà kù, nítorí náà ó wà ní òdìkejì títà, èyí tí àwa dá padà ń dín rírà kù, nítorí náà ó wà ní òdìkejì rírà. Nínú lẹ́jà fúnra rẹ̀, 36,000 náà wà ní ìhà tí ó tọ́. Ìgbà tí ọmọ náà ń dà á kọ ni ó gbé e sódì, nítorí náà èyí pẹ̀lú kò nílò jọ́nà. A yọ ọ́ kúrò ní kírẹ́díìtì, a fi í sí dẹ́bíìtì. Dẹ́bíìtì di 3,729,000, kírẹ́díìtì di 3,723,000.

Ó ya ọmọ náà lẹ́nu pé ìhà tí ó kéré tẹ́lẹ̀ ni ó wá pọ̀ jù báyìí. Mo ṣàlàyé fún un pé 36,000 tí ó wà ní ìhà òdì dá ìyàtọ̀ 72,000 sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni 66,000 péré ni a rí lójú ìwé. Ó túmọ̀ sí pé nǹkan mìíràn ti ń fa ìyàtọ̀ náà sí òdìkejì, ní 6,000, ní gbogbo ìgbà tí a fi ń wá a.

Alẹ́ ọjọ́ Sátidé: sọ́sípẹ́ǹsì

Ojú ìwé tíráyà bálàǹsì ti mọ́ báyìí. Ohun tí ó kù wà nínú lẹ́jà, nítorí náà àsìkò tó láti ṣí sọ́sípẹ́ǹsì. Dẹ́bíìtì fi 6,000 ju kírẹ́díìtì lọ, a sì kọ 6,000 sí ìhà kírẹ́díìtì àkáùǹtì sọ́sípẹ́ǹsì kí àpapọ̀ lè di 3,729,000 ní ìhà méjèèjì. Ẹ wo bí ó ti yàtọ̀ sí 166,000 ní dẹ́bíìtì tí ó kọ́kọ́ kọ: iye yàtọ̀, ìhà pẹ̀lú yàtọ̀.

Mo dán 6,000 wò fún ìṣẹ́jú márùn-ún péré. Kò sí 6,000 nínú ìwé, kò sí 3,000, mẹ́sàn-án kò sì pín in. Lójú tèmi, ìyẹn fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹ̀rí pé ó kéré tán, àṣìṣe méjì ni ó ṣẹ́kù. Mo pa ìwé dé, mo lọ sùn.

Ọjọ́ Àìkú: fífi pẹ́ńsù máàkì

Ọmọ náà wá sílé mi lẹ́yìn ìsìn, ó sì kó ìwé gidi wá. A tẹ́ ìwé owó àti lẹ́jà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ó ń ka ìlà kọ̀ọ̀kan nínú ìwé owó sókè, èmi ń wá a nínú lẹ́jà, bí a bá sì rí i, a ó fi pẹ́ńsù máàkì ibi méjèèjì. Iṣẹ́ tí ó ń sú ènìyàn ni, ṣùgbọ́n kò sí àṣìṣe ìgbékọjá láti ìwé owó sí lẹ́jà tí ó lè sá mọ́ ọn lọ́wọ́, bí ẹni tí ń kà bá ń ka nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, tí ẹni tí ń wò sì ń wo nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀, mo fi òpó tóóró kan hàn án nínú ìwé owó, èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kì í sábà kà sí: òpó fólíò, níbi tí a ń kọ nọ́ńbà ojú ìwé lẹ́jà sí nígbà tí a bá ti gbé ìlà kan lọ síbẹ̀. Ìlà tí fólíò rẹ̀ ṣófo ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí a fura sí. Ìlà kan ṣoṣo ni ó ṣófo, ìsàlẹ̀ pátápátá ni ó sì wà: àpapọ̀ òpó ẹ̀dínwó tí a rí gbà, 15,000 náírà.

Ìdí tí irú rẹ̀ fi máa ń ṣẹlẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Nínú ìwé owó olópòó mẹ́ta, owó ọwọ́ àti owó báǹkì jẹ́ àkáùǹtì tòótọ́ tí ó ní àṣẹ́kù. Àwọn òpó ẹ̀dínwó kò rí bẹ́ẹ̀. Ìrántí lásán ni wọ́n jẹ́. A kì í bálàǹsì wọn, àpapọ̀ wọn nìkan ni a ń gbé lọ sí lẹ́jà ní òpin àkókò, ẹni tí ó bá sì ti bálàǹsì owó àti báǹkì tán máa ń rò pé òun ti parí ojú ìwé náà. A wo àkáùǹtì àwọn tí a jẹ ní gbèsè: ẹ̀dínwó kọ̀ọ̀kan ti wà ní dẹ́bíìtì níbẹ̀, wọ́n sì pé 15,000 nígbà tí a rò wọ́n pọ̀. Ìhà dẹ́bíìtì ti ní tirẹ̀; ìhà kírẹ́díìtì ni kò sí. Kódà àkáùǹtì ẹ̀dínwó tí a rí gbà kò sí nínú lẹ́jà rárá, ìdí nìyẹn tí kò fi sí lórí tíráyà bálàǹsì ọmọ náà. Ẹ tún tábìlì òkè yẹn wò: ẹ̀dínwó tí a fún oníbàárà nìkan ni ó wà níbẹ̀. Ohun tí kò sí lójú ìwé ṣòro láti rí ju ohun tí ó wà níbẹ̀ tí kò tọ́ lọ.

Jọ́nà tí ó kọ fún un ni èyí: dẹ́bíìtì sọ́sípẹ́ǹsì 15,000, kírẹ́díìtì ẹ̀dínwó tí a rí gbà 15,000, pẹ̀lú àlàyé pé àpapọ̀ òpó ẹ̀dínwó inú ìwé owó ni a kò gbé lọ sí lẹ́jà. Ó fẹ́ kọ dẹ́bíìtì náà sí àkáùǹtì àwọn tí a jẹ ní gbèsè. Mo ní rárá, nítorí pé wọ́n ti gba tiwọn. Bí a bá tún kọ ọ́, gbèsè wọn yóò dín lẹ́ẹ̀mejì. Àkáùǹtì kan ṣoṣo ni ó ní àléébù, nítorí náà sọ́sípẹ́ǹsì ni yóò gba ìhà kejì.

Nígbà tí 15,000 bọ́ sí kírẹ́díìtì, àpapọ̀ ìhà náà di 3,738,000, ti dẹ́bíìtì sì wà ní 3,729,000. Ìyàtọ̀ di 9,000, dẹ́bíìtì ni ó sì kéré. Níbí ni mo ti sọ fún un pé kí a dá pẹ́ńsù dúró ná, nítorí pé ó jọ pé àṣìṣe kan ṣoṣo ni ó kù, ọgbọ́n ìpín sì lè wúlò nísinsìnyí.

Kò sí 9,000 nínú ìwé. Kò sí 4,500 pẹ̀lú. Mẹ́sàn-án pín 9,000 láìṣẹ́kù, ó fún wa ní 1,000. Mo kọ nǹkan sórí pépà fún un: bí a bá fẹ́ kọ 21 tí a kọ 12, mélòó ni a fi ṣìnà? Mẹ́sàn-án. Bí a bá fẹ́ kọ 83 tí a kọ 38? Márùn-dín-láàádọ́ta, tí í ṣe mẹ́sàn-án lọ́nà márùn-ún, márùn-ún sì ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín 8 àti 3. Nígbàkígbà tí nọ́ńbà méjì tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bá gba ipò ara wọn, ìyàtọ̀ yóò jẹ́ mẹ́sàn-án lọ́nà iye tí nọ́ńbà kan fi ju èkejì lọ. Èsì ìpín náà sì ń tọ́ka sí ibi tí a ó wò. Èsì tiwa jẹ́ 1,000, nítorí náà ipò ẹgbẹ̀rún àti ipò ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ni nọ́ńbà méjèèjì wà, ọ̀kan péré ni ọ̀kan sì fi ju èkejì lọ: 12 dípò 21, 23 dípò 32, 34 dípò 43, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó yára sáré wo tíráyà bálàǹsì, ó ní kò sí irú rẹ̀ níbẹ̀. Òtítọ́ ni, kò sì yẹ kí ó wà níbẹ̀. Àṣẹ́kù ni ó wà lórí tíráyà bálàǹsì, inú àwọn ìlà àkáùǹtì ni ìyípadà nọ́ńbà ti ń ṣẹlẹ̀, àṣẹ́kù tí ó bá sì ti ibẹ̀ jáde lè má jọ ọ́ rárá. A padà sí lẹ́jà. Àkáùǹtì owó ọkọ̀ ní ìlà mẹ́ta: 14,500, 12,000 àti 21,500, tí ó jẹ́ 48,000. Ó fi ìka sí 12,000, ó sì lọ wo ọjọ́ rẹ̀ nínú ìwé owó. 21,000 ni wọ́n san. Owó ọkọ̀ tí ó tọ́ jẹ́ 57,000. Ẹ wò ó, kò sí ẹni tí yóò wo 48,000 tí yóò fura pé nọ́ńbà kan yí padà nínú rẹ̀.

Mo gbọ́dọ̀ fi èyí kún un: mẹ́sàn-án tún máa ń pín ìyàtọ̀ tí ó wá láti inú òdo tí ó sọnù. Bí 57,000 bá di 5,700, ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ 51,300, mẹ́sàn-án sì pín òun náà. Nítorí náà ìpín ń tọ́ka sí ibi tí ó yẹ kí a wò, ṣùgbọ́n ìwé owó nìkan ni ó lè jẹ́rìí sí i. Lẹ́yìn èyí a ṣì máàkì gbogbo ìlà tí ó kù nínú ìwé owó, a kò sì rí òmíràn.

Jọ́nà kejì: dẹ́bíìtì owó ọkọ̀ 9,000, kírẹ́díìtì sọ́sípẹ́ǹsì 9,000. Àkáùǹtì sọ́sípẹ́ǹsì wá rí báyìí: ní dẹ́bíìtì, 15,000, ní kírẹ́díìtì, 6,000 tí a fi ṣí i àti 9,000 yìí. Ó dọ́gba ní 15,000, ọmọ náà sì fi rúlà fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀. Tíráyà bálàǹsì dúró ní 3,738,000 ní ìhà méjèèjì.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú: èyí tí tíráyà bálàǹsì kò lè fi hàn

Ó fẹ́ pa ìwé rẹ̀ dé. Mo ní kí ó dúró, nítorí pé dídọ́gba túmọ̀ sí pé iye tí a kọ sí dẹ́bíìtì bá iye tí a kọ sí kírẹ́díìtì mu, kò sì túmọ̀ sí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá gbàgbé ìwé ọjà kan pátápátá, yóò dọ́gba. Bí a bá kọ gbèsè oníbàárà kan sí orúkọ ẹlòmíràn, yóò dọ́gba. Bí a bá kọ ìnáwó sí àkáùǹtì tí kì í ṣe irú tirẹ̀, yóò dọ́gba pẹ̀lú. Kò sí ìṣirò tí ó lè wá àwọn wọ̀nyí rí. Kíka ọ̀rọ̀ ni ó ń wá wọn rí. Mo ní kí ó ka àlàyé ìlà kọ̀ọ̀kan nínú àkáùǹtì tí iye rẹ̀ tóbi jù ní ìhà dẹ́bíìtì, tí í ṣe ọjà rírà, kí ó má wo iye owó rárá.

Ó ka á: áńkárá, léèsì, àdìrẹ, áńkárá, gínnì. Lẹ́yìn náà ó kà pé: "Àpótí onígíláàsì tí a ń pàtẹ aṣọ sí, ṣẹ́ẹ̀kì, 80,000." Ó wo ojú mi. Mo bi í bóyá oníṣòwò náà máa ta àpótí náà fún oníbàárà. Ó ní rárá, inú ṣọ́ọ̀bù ni yóò máa wà.

Ohun ìní ni, nítorí náà. Jọ́nà kẹta ni dẹ́bíìtì ohun èlò ilé ìtajà 80,000, kírẹ́díìtì ọjà rírà 80,000. Sọ́sípẹ́ǹsì kò sí níbẹ̀, torí pé àṣìṣe yìí kò dá ìyàtọ̀ kankan sílẹ̀. Ọjà rírà di 1,680,000, ohun èlò di 350,000, àpapọ̀ kò sì kúrò ní 3,738,000. Àṣìṣe tí kò fara hàn nínú tíráyà bálàǹsì yìí ni ó ba èrè jẹ́ jù lọ nínú gbogbo wọn, ìdí sì nìyẹn tí mo fi takú pé kí a wá a.

A ṣírò èrè lẹ́ẹ̀mejì kí ó lè rí i kedere. Ọjà tí ó wà nílẹ̀ ní òpin ọdún jẹ́ 385,000, olùkọ́ kò sì fún wọn ní ìdínkù iye ohun èlò láti ṣírò. Pẹ̀lú àwọn iye lẹ́jà bí wọ́n ti wà kí a tó kọ jọ́nà, èrè lórí ọjà jẹ́ 686,000. Nígbà tí a yọ owó ilé, owó oṣù àti ẹ̀dínwó tí a fún oníbàárà, tí gbogbo wọn jẹ́ 432,500, èrè tí ó kù jẹ́ 253,500. Lẹ́yìn àtúnṣe, èrè lórí ọjà di 757,000. A fi ẹ̀dínwó 15,000 tí a rí gbà kún un, a yọ 432,500, èrè sì di 339,500. Ìyàtọ̀ méjèèjì jẹ́ 86,000: àpótí fi 80,000 kún èrè, ẹ̀dínwó fi 15,000 kún un, owó ọkọ̀ sì mú 9,000 kúrò. Àtúnṣe ti ojú ìwé tíráyà bálàǹsì, ti 100,000 àti ti 36,000, kò sí nínú àlàyé èrè yìí, nítorí pé kò sí èyí tí ó wà nínú lẹ́jà nínú wọn. Ó kọ́kọ́ kọ 36,000 sínú rẹ̀, ó sì pa á rẹ́ fúnra rẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀.

Ohun tí a ṣe kẹ́yìn ni ìwé ohun ìní àti gbèsè. Ohun èlò 350,000, ọjà 385,000, gbèsè tí a ó gbà 265,000, báǹkì 318,500 àti owó ọwọ́ 39,000 jẹ́ 1,357,500. Nígbà tí a yọ 298,000 tí a jẹ, ó ku 1,059,500. Ní ìhà kejì, owó òkòwò 870,000 pẹ̀lú èrè 339,500, láìka 150,000 tí olówò mú, jẹ́ 1,059,500. Ó rò ó láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, ó tún rò ó láti ìsàlẹ̀ lọ sí òkè, lẹ́yìn náà ó gbé ìwé náà lọ sétí fèrèsé, ó sì ya àwòrán rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.